Kábárà Mẹ́rin

Ọjọ́ Ẹtì ni òní. Títí di àárọ̀ yìí, n kò wọ mọ́ṣáláṣí rí, bẹ́ẹ̀ ìyá tó bí bàbá mi kò fi ìrun wákàtí márààrún ṣeré títí ó fi kú. Bàbá mi ti di Kìrìsìtẹ́nì kí wọ́n tó bí mi. Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé òkú ìyá àgbà lọ sí mọ́ṣáláṣí, inú ọkọ̀ ni àwa ọmọ wà. Bàbá ní kí a má sọ̀kalẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń fọkàn ro ohun tí wọ́n ṣe fún un nínú ilé yẹn, ohun tí mo sì rò kò dára.

Ilé ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń gbé yàrá kan náà ní yunifásítì ni mo wà ní Ìbàdàn. Nígbà tí òun àti ìyá rẹ̀ ń múra ìrun Jímọ̀, mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí n tẹ̀ lé wọn. Ìyá wò mí fúngbà díẹ̀, wọ́n sì fún mi ní ìborùn. Ẹ̀yìn ilé ni mo ti wo ọ̀rẹ́ mi bó ṣe ń ṣe àlùwàlá: ó fọ ọwọ́, ó yọ ẹnu, ó fin omi símú, ó bọ́jú, ó fọ apá dé ìgúnpá, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta mẹ́ta. Ó fi ọwọ́ tútù pa orí àti etí, ó wá fọ ẹsẹ̀ dé ọrùn ẹsẹ̀, ọ̀tún ṣáájú òsì. Omi inú kẹ́tù kékeré kan ló tó o.

Ní mọ́ṣáláṣí, mo bọ́ bàtà, mo sì lọ jókòó sáàárín àwọn obìnrin. Ìyá rọra fà mí sẹ́yìn, lẹ́bàá ògiri. Ojú tì mí. Mo rò pé ẹ̀sìn mi ni wọ́n fi lé mi. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni wọ́n ṣàlàyé pé èjìká ní í kan èjìká lórí ìlà, ẹni tí kò bá sì kírun yóò dà bí eyín tó yọ láàárín ẹnu. Àṣìṣe kejì tún burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Lẹ́mọ́ọ̀mù ti gun mímbárì, ó ń ṣe wáàsí, ni mo bá bi ọ̀rẹ́ mi ní ìbéèrè kan létí. Kò tilẹ̀ wo ọ̀dọ̀ mi. Èèwọ̀ ni ọ̀rọ̀ sísọ lásìkò náà. Kódà ẹni tó bá ní kí ẹnìkejì òun dákẹ́ ti sọ̀rọ̀.

Wọ́n kí ràkáà méjì, mo rò pé ó ti parí. Ọkùnrin kan wá kéde pé òkú kan wà nílẹ̀, obìnrin ni. Ó ní ẹni tí olóògbé bá jẹ ní gbèsè, kí ó wá rí àwọn ọmọ rẹ̀. Wọ́n gbé e síwájú nínú aṣọ funfun. Gbogbo èèyàn dìde, mo dìde pẹ̀lú wọn, mo sì ká ọwọ́ mi sílẹ̀.

Mo ń retí pé wọn yóò tẹ̀, wọn yóò forí kanlẹ̀ bíi ti ìṣáájú. Kò sí rúkúù, kò sí ìforíkanlẹ̀. Òòró ni wọ́n wà. Lẹ́mọ́ọ̀mù kábárà lẹ́ẹ̀kan, ilé sì dákẹ́. Ó kábárà lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́ẹ̀kẹta, lẹ́ẹ̀kẹrin, ó sálámà, wọ́n sì gbé obìnrin náà jáde. Kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún. Ọ̀rẹ́ mi ní Fátíhà ni wọ́n ń ka lẹ́yìn ti àkọ́kọ́, wọ́n ń tọrọ ìkẹ́ fún Ànábì lẹ́yìn ìkejì, ẹ̀yìn ìkẹta ni wọ́n wá ń bẹ Ọlọ́run kí ó forí jin òkú. Kò sí ẹni tó ń pariwo rẹ̀. Ohun tó ti ń dẹ́rù bà mí láti ọdún yìí wá kò ju ìyẹn lọ.

Mo bínú. N kò lè sọ pé n kò bínú. Ní alẹ́, mo pe bàbá mi lórí fóònù, mo sọ ibi tí mo lọ. Wọn kò bá mi wí. Mo ní, “Ẹ jọ̀wọ́ sà, lọ́jọ́ tí ẹ fi wá sínú ọkọ̀, níbo lẹ̀yin gan-an wà?”

Wọ́n dákẹ́ títí mo fi rò pé fóònù ti já.

Wọ́n ní, “Ẹnu géètì ni mo dúró sí. Mẹ́rin ni. Mo kà á.”