Ìkéde Ìgbàwọlé Sukúù Ìjọba Àpapọ̀: Ẹ Ka Ìlà Ìpínlẹ̀ Kẹ́ ẹ Tó Sanwó Fọ́ọ̀mù

 

Lọ́dọọdún, bí ìkéde ìgbàwọlé sí JSS 1 ní àwọn sukúù ìjọba àpapọ̀ bá ti jáde, kíá la máa ń pín in kiri láàrin ara wa. Ohun tí wọ́n ń béèrè kò le lójú: kọ́mọ wà ní ọdún tó gbẹ̀yìn ní pírámárì, kó ṣe ìdánwò Kọ́mọ̀n Éńtíránsì tí NECO ń ṣe, kó mú sukúù tó fẹ́ jù àti èyí tó tẹ̀ lé e, kó ní ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí àti fọ́tò pásípọ́ọ̀tù. Lẹ́yìn náà ni ìlà kékeré kan á wá sọ pé kí ẹ kọ ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ tí ọmọ ti wá. Ìlà yìí ló ń kó àwa tá a wà lẹ́yìn odi sí wàhálà jù.

Ìdí rẹ̀ ni pé máàkì tí wọ́n fi ń gba ọmọ wọlé kì í ṣe ọ̀kan náà fún gbogbo ìpínlẹ̀. Ẹ jẹ́ ká wo ti ọdún 2013, tí ìwé ìròyìn gbé jáde káàkiri. Nínú 300 máàkì, ọmọ Èkó gbọ́dọ̀ ní 133, ọmọ Ògùn 131, ọmọ Ọ̀yọ́ àti ti Ọ̀ṣun 127, ọmọ Kwara 123. Ti ọmọ Kánò jẹ́ 67. Máàkì yìí lè yí padà lọ́dún míì o, ẹ má fi ti 2013 ṣe ti ọdún yìí. Ohun tá a fẹ́ kẹ́ ẹ rí níbẹ̀ ni bí àlàfo náà ti fẹ̀ tó.

Ẹ jẹ́ ká fi ọmọ kan ṣe àpẹẹrẹ. Kánò ni wọ́n bí i sí, Kánò ni wọ́n bí bàbá rẹ̀ sí, ó ń sọ Hausa ju Yorùbá lọ. Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá bàbá rẹ̀ ti wá ṣòwò aṣọ. Ká ní ọmọ yìí gba 118 ní 2013. Bí wọ́n bá kọ Ọ̀yọ́ sí fọ́ọ̀mù rẹ̀, máàkì 9 ló kù kó tó wọlé. Bí wọ́n bá kọ Kánò, ó fi 51 lé ohun tí wọ́n ń béèrè. Ṣé ẹ rí i bí ọkàn òbí ṣe lè fà sí Kánò? Ẹni tó ń bá wa tẹ fọ́ọ̀mù ní káfè gan-an á ní, "Alhaji, ẹ kọ Kánò jàre, ṣebí ibí lẹ bí i sí."

Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, àmọ́ kò rí bẹ́ẹ̀ lójú òfin. Abala 318 nínú òfin ilẹ̀ wa ti 1999 ló ṣàlàyé ẹni tó jẹ́ ti ìpínlẹ̀ kan: ẹni tí bàbá tàbí ìyá rẹ̀, tàbí ọ̀kan nínú àwọn òbí wọn àgbà, jẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ ìlú kan níbẹ̀. Òfin yẹn ò sọ pé ibi tá a bí èèyàn sí tó. Àádọ́ta ọdún tá a ti lò ní Sabọn Gàrí kò sọ wá di ọmọ Kánò lórí ìwé. Bẹ́ẹ̀, bí ìyá ọmọ bá jẹ́ ọmọ Kánò pọ́nńbélé, ọmọ náà ní ẹ̀tọ́ nínú òfin láti pe ara rẹ̀ ní ọmọ Kánò. Ṣùgbọ́n ìjọba ìbílẹ̀ ìyá rẹ̀ gbọ́dọ̀ fún un ní ìwé, ìyẹn kì í sì í fìgbà gbogbo rọrùn, torí bàbá ni ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì ń béèrè.

Ìdílé kan láàrin wa kọ Kánò lọ́dún kan. Orúkọ ọmọ jáde, a bá wọn yọ̀. Nígbà tí wọ́n débẹ̀ fún àyẹ̀wò ìwé, wọ́n ní kí wọ́n mú ìwé ọmọ ìbílẹ̀ wá láti ìjọba ìbílẹ̀ tí wọ́n kọ. Wọ́n lọ síbẹ̀, wọ́n bi wọ́n ní orúkọ olórí àdúgbò tó mọ bàbá bàbá wọn. Kò sí. Kí wọ́n tó ní àwọn á yí i padà sí Ọ̀yọ́, ó ti bọ́ sórí: máàkì ọmọ ò tó ti Ọ̀yọ́. Àyè náà lọ. Ọmọ ò mọ nǹkan kan nínú gbogbo rẹ̀, òun ló sì sunkún jù.

Nítorí náà, ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ilé náà la ó wò ká tó fọwọ́ kan fọ́ọ̀mù. Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ jẹ́ kí ìwé ọmọ ìbílẹ̀ láti ilé ti wà lọ́wọ́. Bá a ṣe máa ń ṣe é rèé. Ẹ kọ́kọ́ béèrè orúkọ agbo ilé bàbá bàbá ọmọ. Pé "ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni wá" kò tó, torí ìjọba ìbílẹ̀ méjì ló pín ìgboro: ti Àríwá ní ọ́fíìsì ní Kìnnìrá, ti Gúúsù ní Arówómọlé. Agbo ilé ló máa sọ èyí tẹ́ ẹ ó lọ. Ẹ wá rán ẹnì kan nílé sí mọ́gàjí tàbí baálé agbo ilé kó kọ lẹ́tà pé òun mọ ìdílé yín. Lẹ́tà yẹn, pẹ̀lú fọ́tò ọmọ àti ìwé ti bàbá rẹ̀ bó bá ní, ni ẹ ó gbé lọ sí lókà. Bí bàbá fúnra rẹ̀ ò bá gbà á rí, ẹ gba tiẹ̀ pọ̀ mọ́ tọmọ. Ẹ fún iṣẹ́ yìí ní oṣù kan ó kéré tán, torí baálé lè rìnrìn àjò, lókà sì lè wà lẹ́nu ìyanṣẹ́lódì.

Nǹkan kan ṣì kù tó ń dà wá láàmú: orúkọ. Bí ìwé ọjọ́ ìbí láti Àjọ Ìkànìyàn bá sọ pé "Adéọlá Sulaimon", tí sukúù pírámárì ń pè é ní "Sule Adéọlá", tí ìwé lókà tún mú orúkọ bàbá àgbà ṣáájú, ẹni tó ń yẹ̀wé wò á ní ọmọ mẹ́ta nìyẹn. Ẹ mú ti ìwé ọjọ́ ìbí, kẹ́ ẹ jẹ́ kí gbogbo ìwé yòókù bá a mu, lẹ́tà kan kò gbọ́dọ̀ yàtọ̀. Káàdì ọsibítù kì í ṣe ìwé ọjọ́ ìbí o.

Lẹ́yìn èyí, ẹ sọ òótọ́ fún ọmọ. Ó máa jókòó ṣe ìdánwò pẹ̀lú ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń gbé àgbàlá kan, máàkì tí wọ́n máa béèrè lọ́wọ́ òun á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó ń dun àwa náà. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ti mọ̀ pé máàkì Ọ̀yọ́ lòun ń lé kò ní fi ti ọ̀rẹ́ rẹ̀ wọn ara rẹ̀.

Ẹni tí kò bá mọ agbo ilé rẹ̀ mọ́, kó má tijú. Kó wá bá wa ní ìpàdé oṣù, kó mú orúkọ bàbá bàbá rẹ̀ àti oríkì ilé wọn dání. Àwọn àgbà wa níbẹ̀ á ti oríkì yẹn mọ ilé tó ti wá. Ó ti ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀ lójú wa ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.