Nígbà tí "Wáwà" Bá Já Bọ́ láti inú "Kóṣè"

Ẹni tí ó bá kọ́ èdè Sípéènì ní ìlú Màdírídì, tí ó sì rékọjá sí Amẹ́ríkà ti Gúúsù, yóò rí i pé ìwé ìròyìn ibẹ̀ kò ṣòro láti kà. Inú ọjà àti etí títì ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Èdè ìjọba ni èdè yìí jẹ́ ní orílẹ̀-èdè 20, gírámà rẹ̀ kò sì yàtọ̀ púpọ̀ láti ibì kan sí èkejì. Ṣùgbọ́n ohun tí ènìyàn ń wọ̀ lọ sí ibi iṣẹ́ kò ní orúkọ kan náà níbi gbogbo. Àkọtọ́ Yorùbá ni a fi kọ àwọn orúkọ náà síhìn-ín, bí wọ́n ti ń dún létí.

Ẹ jẹ́ kí a wo bọ́ọ̀sì. Ní Mẹ́síkò, ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa pè é ní "kamíọ̀nù", bẹ́ẹ̀ ọkọ̀ akẹ́rù ni ọ̀rọ̀ yìí ń tọ́ka sí ní Sípéènì. Ní Àjẹntínà, "kolẹ́kitíbò" ni, òun sì ní ìtàn tirẹ̀. Ní ọdún 1928, àwọn awakọ̀ takisí kan ní Buẹnọsi Áírẹ́sì, tí èrò ti wọ́n fún, bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò mélòó kan pọ̀ sínú ọkọ̀ kan lójú ọ̀nà kan pàtó, kí owó tí oníkálukú yóò san lè kéré. Ọkọ̀ àjọwọ̀ ni orúkọ náà túmọ̀ sí. Nígbà tí ó ṣe, ọkọ̀ kékeré náà dàgbà di bọ́ọ̀sì, orúkọ rẹ̀ kò sì yí padà. Ní Ṣílè, tí ó bá Àjẹntínà pààlà, takisí àjọwọ̀ ni orúkọ yẹn ṣì ń jẹ́. "Míkírò" ni bọ́ọ̀sì ìgboro tiwọn.

Ní Kúbà, níbi tí àwọn Lùkùmí ṣì ti ń kọrin sí òrìṣà, ní Puẹ́tò Ríkò, àti ní àwọn erékùṣù Kánárì tí ó jẹ́ ti Sípéènì, "wáwà" ni bọ́ọ̀sì. Àwọn kan ní orúkọ ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà kan ni ó dà bẹ́ẹ̀. Ìtàn náà dùn létí, ṣùgbọ́n kò ní ẹ̀rí. Ní Ṣílè àti ní ọ̀pọ̀ ibi lórí òkè Áńdíìsì, ọmọ ọwọ́ ni "wáwà". Láti inú èdè Kẹ́ṣúà ni èyí ti wá. Nínú èdè náà, ìyá ni ó ń pe ọmọ rẹ̀ ní "wáwà", ìbáà ṣe ọkùnrin, ìbáà ṣe obìnrin. Baba ní orúkọ mìíràn tí ó ń pe ọmọkùnrin, ó sì ní òmíràn fún ọmọbìnrin. Ọ̀rọ̀ ẹnu ìyá ni èdè Sípéènì mú.

"Kóṣè" ńkọ́? Mọ́tò ayọ́kẹ́lẹ́ ni ní Sípéènì. Ní Kúbà, níbi tí mọ́tò ti ń jẹ́ "kárò", kẹ̀kẹ́ tí ẹṣin ń fà ni. Ní Ṣílè, níbi tí mọ́tò ti ń jẹ́ "áútò", kẹ̀kẹ́ kékeré tí a ń tẹ́ ọmọ ọwọ́ sí, tí a sì ń tì lọ, ni.

Ká ní ìyá kan ní Santiágò ti ilẹ̀ Ṣílè sáré gbé ọmọ rẹ̀ dé ilé ìwòsàn, tí ó sì kígbe pé, "Wáwà já bọ́ láti inú kóṣè!" Bí nọ́ọ̀sì tí ó gbà á bá jẹ́ ará Kánárì tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ohun tí yóò gbọ́ ni pé bọ́ọ̀sì já bọ́ láti inú mọ́tò. Ọ̀rọ̀ náà kò nítumọ̀. Nítorí náà yóò tún béèrè, ìyá yóò sì ṣàlàyé.

Ṣùgbọ́n ká ní dókítà láti Màdírídì ni, tí ó ti lo oṣù kan níbẹ̀, tí "wáwà" sì ti yé e. Òun yóò gbọ́ pé ọmọ ọwọ́ já bọ́ láti inú mọ́tò. Gbólóhùn náà pé pérépéré, kò sì sí ohun tí yóò mú un béèrè. Yóò di ọrùn ọmọ mú gírígírí, yóò sì fi í ránṣẹ́ síbi tí wọ́n ti ń ya àwòrán egungun, nítorí ohun tí kò ga tó tábìlì. Òdìkejì rẹ̀ ni ó burú jù: àlejò láti Sípéènì tí ọmọ rẹ̀ já bọ́ láti inú mọ́tò tí ń sáré lè sọ gbólóhùn kan náà, kí nọ́ọ̀sì ọmọ Ṣílè sì rò pé kẹ̀kẹ́ ọmọ ni, kí ó ní kí ó jókòó dúró de àwọn tí ó ṣáájú. Ìdajì òye léwu ju àìgbọ́ rárá lọ nínú ọ̀ràn báyìí. Ìbéèrè kan ṣoṣo sì ni yóò tú u: "Ta ni ó ń wà á?" Kò sí ẹni tí í wa kẹ̀kẹ́ ọmọ ọwọ́.

Ti omi èso àti ti tẹlifóònù alágbèéká kò le tó bẹ́ẹ̀. "Súmò" ni omi èso ní Sípéènì, "húgò" ni ní Amẹ́ríkà. "Móbìlì" ni tẹlifóònù náà ní Sípéènì, "sẹlulá" ni lókè òkun. Ẹni tí ó lo ti ibòmíràn yóò kàn fi hàn pé àlejò ni òun, wọn yóò sì gbé ohun tí ó béèrè wá fún un. Ní Puẹ́tò Ríkò, àlejò lè dúró díẹ̀ kí ó tó mu ún, bí wọ́n bá ní "húgò ti Ṣáínà" ni àwọn fẹ́ fún un. Ọsàn mímu ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀.