Ẹ̀bùn Tíṣà Lópin Ọdún: Ẹ Má Ka Orúkọ

Níbi ayẹyẹ wa, ẹni tó bá náwó, wọn a pe orúkọ rẹ̀. Onílù a kì í, alága a kéde iye tó mú wá, inú oníkálukú a sì dùn. Ó yẹ agbo àríyá bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n tí oṣù kẹfà bá dé, tí àwọn òbí ní Bọ́sítọ́ọ̀nù àti Wọ́sítà bẹ̀rẹ̀ sí í dáwó jọ fún tíṣà tí àwọn ọmọ fẹ́ràn, àṣà yìí gan-an ló lè kó tíṣà náà sí wàhálà.

Òṣìṣẹ́ ìjọba ni tíṣà iléèwé ìjọba ní ìpínlẹ̀ Masaṣúsẹ́tì. Òfin kò gbà kí òbí kan fún un ní ẹ̀bùn tó tó 50 dọ́là nítorí iṣẹ́ rẹ̀. Àmọ́ kíláàsì lè para pọ̀ fún un ní ohun tí kò ju 150 dọ́là lọ láàárín ọdún ẹ̀kọ́ kan, bí ẹ̀bùn náà bá jẹ́ ti kíláàsì lápapọ̀, tí tíṣà kò sì mọ ẹni tó dáwó tàbí iye tó dá. Tíṣà yìí kan náà ló ń fún ọmọ ní máàkì. Kò yẹ kó mọ ilé tó lawọ́ jù. Káàdì ìrajà wà nínú ìṣirò náà, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀bùn tí kíláàsì fún un nígbà Kérésìmesì.

Ká ní ọmọ 24 ló wà ní kíláàsì, tí òbí 20 sì dá 10 dọ́là-10 dọ́là. Owó di 200. Ó fi 50 lé. Ẹ má fi 50 yẹn sínú àpòòwé kejì fún tíṣà. Ẹ fi ra ìwé ìtàn àti pẹ́ńsùlù aláwọ̀ fún kíláàsì: iléèwé ló ni ìwọ̀nyẹn, ibẹ̀ ni wọn yóò sì wà bí tíṣà bá tilẹ̀ lọ. Àwọn òbí mẹ́rin tí kò dá ńkọ́? Kí ọmọ tiwọn náà fọwọ́ sí káàdì ìdúpẹ́. Orúkọ ọmọ 24 ni kó wà níbẹ̀, láìku ẹnì kan.

Orí Wáàsáàpù ni nǹkan ti máa ń dàrú. Akápò a gbé orúkọ àwọn tó ti san jáde kí àwọn yòókù lè tètè san. Kó tó di ọ̀sán, ẹnì kan ti fi han tíṣà. Owó àjọni ni, akápò gbọ́dọ̀ jíhìn, ṣùgbọ́n àròpọ̀ ni kó fi jíhìn: iye tó wọlé, iye tí ẹ̀bùn gbà, iye tó lọ sórí ìwé, pẹ̀lú rìsíìtì. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá owó tirẹ̀ dé, kó bi í ní ìkọ̀kọ̀.

Òfin ìpínlẹ̀ mìíràn lè yàtọ̀, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ béèrè ní ọ́fíìsì iléèwé. Ẹ sì jẹ́ kí ọmọ yín fọwọ́ ara rẹ̀ kọ lẹ́tà sí tíṣà náà. Òfin kò fi òǹtẹ̀ iye lé ìyẹn.