Àkọlé Fídíò Zangbeto

ARÁ-ILÉ: Àbúrò mi, láti Lọ́ńdọ̀nù lo ti ń ṣèlérí pé wàá bá mi yẹ fídíò Shorts mi lórí YouTube wò. Òun nìyí. Zangbeto ń yí bírí-bírí létí ọ̀sà, wọ́n gbé e dojú dé, kò séèyàn nínú ẹ̀. Iye ìwò ẹ̀ pọ̀, àmọ́ ekukáká ni mo fi rí ẹni tó tẹ̀lé mi.

ARÌNRÌN-ÀJÒ: Àǹtí mi, àkọlé wo lẹ fún un?

ARÁ-ILÉ: Wò ó: «😱😱👻🔥🔥 Ẹ má wò ó lóru 😱».

ARÌNRÌN-ÀJÒ: Zangbeto dà níbẹ̀? Badagry dà?

ARÁ-ILÉ: Ṣé wọn ò rí i nínú fídíò ni?

ARÌNRÌN-ÀJÒ: Ẹni tí fídíò ti dé ọ̀dọ̀ ẹ̀ ló rí i. Ọmọ Ògù tó wà ní Pọ́tónóvò, tó fẹ́ wo Zangbeto lálẹ́ òní, orúkọ yẹn ló máa tẹ̀ síbi ìwádìí. Ta ló ń tẹ ojú tẹ́rù bà láti wá ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ìlú ẹ̀? Lẹ́tà 100 péré ni YouTube gbà fún àkọlé, fóònù sì máa ń gé ìparí ẹ̀ sọnù. Ibi tó yẹ kí orúkọ wà gan-an lẹ kó èmójì márùn-ún sí.

ARÁ-ILÉ: Àwọ̀ ń fa ojú, má gbàgbé. Ẹni tó ń fìka gbá fídíò kọjá kì í dúró kàwé.

ARÌNRÌN-ÀJÒ: Òótọ́ lẹ sọ. Ṣùgbọ́n lójú irú ẹni bẹ́ẹ̀, àwòrán àkọ́kọ́ ló ń dá a dúró. Ìsàlẹ̀ ni àkọlé wà, ó sì kéré. Iṣẹ́ tí èmójì ń ṣe níbẹ̀ ni pé ó ń sọ irú ohun tó ń bọ̀. Iwin àti ojú tẹ́rù bà ń sọ pé fíìmù abanilẹ́rù ni. Àwọn tó fẹ́ràn ẹ̀ dúró, wọ́n rí ìko tó ń jó, wọ́n gbá a kọjá. YouTube ń ṣọ́ ẹni tó dúró àti ẹni tó kọjá, ibẹ̀ ló ti ń mọ irú èèyàn tó máa gbé fídíò yín fún lẹ́yìn náà. Ẹ ti pe àlejò tí kì í ṣe tiyín.

ARÁ-ILÉ: Iye ìwò wá ń kọ́?

ARÌNRÌN-ÀJÒ: Láti ọjọ́ 31 oṣù Kẹta ọdún 2025 ni YouTube ti ń ka ìwò Shorts gbàrà tí fídíò bá ti bẹ̀rẹ̀, ì báà jẹ́ pé wọ́n gbá a kọjá lójú ẹsẹ̀. Ẹ ṣí YouTube Studio, kí ẹ wo ibi tí wọ́n kọ `Engaged views` sí.

ARÁ-ILÉ: Háà! Ó mà kéré sí tòkè o.

ARÌNRÌN-ÀJÒ: Àwọn tó dúró wò ó nìyẹn.

ARÁ-ILÉ: Wo kọ́mẹ́ǹtì náà. 😂 lórí 😂. Ó dùn mí gan-an. Àwọn tó ń ṣọ́ ìlú fún wa lóru ni wọ́n ń fi ṣẹ̀sín.

ARÌNRÌN-ÀJÒ: Ẹ má bínú, Àǹtí, iwin tó wà nínú àkọlé yín ló kọ́kọ́ ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀rín yẹn. Ẹni tó bá dé lẹ́yìn, ẹ̀rín ló kọ́kọ́ rí, òun náà a fi tiẹ̀ kún un. Àmọ́ ẹ wo ìsàlẹ̀ níbí: 🇧🇯. Ẹ tún wo èyí: 🇹🇬.

ARÁ-ILÉ: Àsíá Bẹ̀nẹ̀ àti ti Tógò. Mi ò tiẹ̀ fiyè sí i.

ARÌNRÌN-ÀJÒ: Àwọn gan-an lẹ ń wá, nítorí Zangbeto wà lọ́dọ̀ wọn pẹ̀lú. Ẹ dá wọn lóhùn. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ kọ́mẹ́ǹtì tiyín, kí ẹ so ó mọ́ òkè: «Ìlú wo lẹ ti rí Zangbeto rí?» Ìbéèrè yẹn ò ṣe é fi 🔥 dáhùn.

ARÁ-ILÉ: Bàbá Kékeré tí kò ríran mọ́, tí fóònù ń kàwé fún, sọ pé òun ò mọ ohun tí àkọlé mi ń sọ.

ARÌNRÌN-ÀJÒ: Orúkọ èmójì ni fóònù ń kà fún wọn lédè Gẹ̀ẹ́sì kó tó dórí ọ̀rọ̀ tí ẹ kọ. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti sú wọn.

ARÁ-ILÉ: Báwo ni ká ṣe tún un kọ?

ARÌNRÌN-ÀJÒ: «Zangbeto Badagry: wọ́n gbé e dojú dé, ẹ wo inú ẹ̀ 👀».

ARÁ-ILÉ: Èmójì kan péré?

ARÌNRÌN-ÀJÒ: Ó tó, ó sì wà níparí, bí fóònù bá gé e, orúkọ ò ní sọnù. Bí ẹ bá ń ya òmíràn, ẹ yà á bí ẹ ṣe ya èyí, kó má gùn jù ú lọ, kó jẹ́ àkọlé nìkan lẹ yí padà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ẹ fi `Engaged views` àwọn méjèèjì wéra. Mo bẹ̀ yín, ẹ má wo iye ìwò tòkè yẹn mọ́.