Ọmọ Tó Mọ Ìṣirò: Ìwé Owó ni Tàbí Kọ̀ǹpútà?

Láti Bàǹtẹ̀ títí dé Sáfálù, bí ọmọ kan bá ti ń gba máàkì gíga nínú ìṣirò, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni àwọn àgbà máa ń sọ: kí ó lọ kọ́ ẹ̀kọ́ ìwé owó. Èrò wọn ni pé owó kíkà ni iṣẹ́ náà, kíkà sì ni ìṣirò. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ẹ̀gbọ́n mi, tí ó ń ra kajú lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀, ṣe sọ fún ọmọbìnrin rẹ̀ tí ó wà ní kíláàsì tó kẹ́yìn, ẹ̀ka C. Ọmọ náà ní kọ̀ǹpútà ni òun fẹ́. Wọ́n fi ọ̀rọ̀ náà lọ̀ mí, nítorí pé iṣẹ́ ìwé owó ni mo fi ń jẹun.

N kò gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Mo ní kí ẹ̀gbọ́n mi gbé ìwé kajú rẹ̀ wá.

Ní gbogbo orílẹ̀-èdè 17 tí ó wà nínú OHADA, ìlànà kan náà ni a fi ń kọ ìwé owó. Èyí tí a ń lò báyìí bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2018. Ìlànà náà fún ohun gbogbo ní nọ́ńbà. Bí a bá ra àpò kajú 40, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ kílò 80, ní 300 fáráǹkì kílò kan, owó rẹ̀ jẹ́ 960,000 fáráǹkì. A ó kọ ọ́ sí apá òsì, tí à ń pè ní débì, lábẹ́ nọ́ńbà 601, ríra ọjà. A ó sì kọ iye kan náà sí apá ọ̀tún, kírẹ́dì, lábẹ́ 57, nítorí pé inú àpótí ni owó ti jáde. Òsì àti ọ̀tún gbọ́dọ̀ dọ́gba. Ìṣirò tí ó wà níbẹ̀ kò ju ìsọdipúpọ̀ lọ. Ohun tí ó le ni mímọ ibi tí a ó kọ ọ́ sí, ìwé ẹ̀rí tí yóò tì í lẹ́yìn, àti ọdún tí ó ni ín bí ọjà bá wọlé ní oṣù kejìlá tí a sì sanwó ní oṣù kìíní.

Mo wá mọ̀ọ́mọ̀ kọ 690,000 sí apá ọ̀tún. Ìwé kò dọ́gba mọ́: 270,000 ni ìyàtọ̀. Ọgbọ́n kan wà tí àwa oníwèé owó ń lò. A ó pín ìyàtọ̀ náà sí 9; bí kò bá ṣẹ́kù, a ó fura pé ẹnì kan ti gbé nọ́ńbà méjì tí ó fẹ̀gbẹ́ kẹ̀gbẹ́ sí ipò ara wọn. Ìfura ni o, kì í ṣe ẹ̀rí: ẹni tí ó gbàgbé láti kọ 270,000 rárá yóò rí ìyàtọ̀ kan náà. Bí a bá sì kọ 690,000 sí apá méjèèjì, ìwé yóò dọ́gba, irọ́ ni yóò sì jẹ́. Ìwé tí a fi wọn kajú nìkan ni yóò tú u fó.

Ẹ̀gbọ́n mi bèèrè pé, "Ta ló kọ ọ́?" Ọmọ rẹ̀ bèèrè pé, "Bàbá kékeré, kí ló dé tí ó fi jẹ́ 9?" Kí n tó dáhùn, ó ti kọ ọ́ sílẹ̀: (10a + b) − (10b + a) = 9(a − b).

Mo fún un ní èkejì. Ìwé méjì wà, tí ìlà 1,000 wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú àròpọ̀ tí ń gorí ara rẹ̀ ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Nínú ìlà kan, iye tí ó wà nínú méjèèjì kò bára mu. Báwo ni a ó ṣe rí i? Ó ní kí a wo àròpọ̀ ìlà 500. Bí wọ́n bá bára mu níbẹ̀, iwájú ni àṣìṣe wà. Bí wọn kò bá bára mu, kò kọjá ibẹ̀. Kí a tún dá ìyókù sí méjì, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹwàá ti tó, nítorí pé bí a bá sọ 1 di ìlọ́po méjì lẹ́ẹ̀mẹwàá, yóò jẹ́ 1,024. Lẹ́yìn náà ni ó dákẹ́, ó ní, "Bí àṣìṣe bá jẹ́ méjì tí wọ́n sì pa ara wọn rẹ́ ńkọ́?" Ìbéèrè yẹn ni ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà: ọ̀nà wo ni yóò yára, nígbà wo ni yóò sì tàn wá.

Mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé òun gan-an ni ìbá jẹ́ oníwèé owó. Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò yí ohùn padà: ní Bàǹtẹ̀ níbí, ta ni yóò gba ọmọ kọ̀ǹpútà síṣẹ́? Òótọ́ ni ó sọ. Ẹgbẹ́ àwọn olùra kajú ń wá ẹni tí yóò kọ ìwé owó. Àwọn tí ń wá ẹni tí yóò kọ ètò kọ̀ǹpútà, Kútọnù ni púpọ̀ wọn wà. Mo wá sọ fún un nípa ENEAM ní Kútọnù, níbi tí a ti ń kọ́ kọ̀ǹpútà pọ̀ mọ́ àbójútó ilé iṣẹ́. Ní ti IFRI, ní Yunifásítì Àbọ̀mì-Kàláfì, kọ̀ǹpútà gan-an ni wọ́n ń kọ́.

Ọmọ náà kọ IFRI sí ipò kìíní, ó kọ ENEAM sí ìkejì. Bàbá rẹ̀ ń dúró de iye tí kajú ọdún yìí yóò jẹ́, kí ó tó mọ bí yóò ṣe san owó yàrá ní Kàláfì.