Fúláàtì Káńsù Kì Í Ṣe Ogún

Láàárín àwa Yorùbá, tí àgbà bá papò dà, ìdílé á jókòó. Ẹni tó dàgbà jù á sọ̀rọ̀, wọ́n á pín ohun tó kù, ilé á sì ní àrólé. Ohun tó ṣòro fún ọ̀pọ̀ nínú wa láti gbà ni pé fúláàtì tí Mọ́mì tàbí Dádì ti ń gbé láti ọgbọ̀n ọdún, tí wọ́n tọ́ wa dàgbà níbẹ̀, tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn kùn lọ́dà, kò sí lára ohun tí ìdílé lè pín. Káńsù ló nilé. Àdéhùn ayálégbé ni òbí wa ní. Tí ayálégbé bá kú, òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló máa sọ ẹni tí àdéhùn náà máa bọ́ sí lọ́wọ́, tàbí bóyá ibẹ̀ ló máa parí sí.

Mo rí bí òfin yìí ṣe ń ṣiṣẹ́ nígbà tí àǹtí mi, àbúrò bàbá mi, kú ní oṣù kejì ọdún 2023. Fúláàtì oníyàrá mẹ́ta ni wọ́n ń gbé ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù. Ọdún 1996 ni káńsù fún wọn, orúkọ wọn nìkan ló sì wà lórí ìwé. Ọ̀rọ̀ ilé náà kan èèyàn mẹ́ta. Àkọ́bí wọn ọkùnrin ń gbé ní Ṣìkágò. Àbígbẹ̀yìn wọn, ọkùnrin lòun náà, padà wá gbé lọ́dọ̀ wọn ní oṣù Kejìlá ọdún 2021 nígbà tí ara wọn ò le mọ́. Ẹnì kẹta ni àbúrò wa obìnrin. Ìyá rẹ̀ àti àǹtí mi jẹ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n àti ọmọ àbúrò. Ọmọ ọdún méjìlá ni nígbà tí wọ́n mú un wá láti Ìbàdàn, ilé àǹtí mi ló sì ti dàgbà. Mọ́mì ló ń pè wọ́n. Òun ló ń wẹ̀ fún wọn, òun ló ń gbé wọn lọ sí ọsibítù.

Nígbà tí ìdílé jókòó, ẹ̀gbọ́n wa tó wà ní Ṣìkágò ní òun ni àkọ́bí, òun lòun máa pinnu. Àwọn ìyàwó ilé ní ẹni tó tọ́jú ìyá ló yẹ kó nilé. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn, torí pé nílé wa, àwọn méjèèjì ló ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu. Ṣùgbọ́n òfin ò bi wá ní èyíkéyìí nínú ìbéèrè méjèèjì yẹn. Obìnrin agbẹjọ́rò tí a lọ bá, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kìkì ọ̀rọ̀ ilé, ṣàlàyé ohun tí òfin ń bi èèyàn.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni ọjọ́ tí àdéhùn bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin ọdún 2012 ni ààlà. Tí káńsù bá ti fún ayálégbé nílé kí ọjọ́ yẹn tó dé, ọkọ tàbí ìyàwó rẹ̀ lè rọ́pò rẹ̀. Tí kò bá sí ọkọ tàbí ìyàwó, mọ̀lẹ́bí tó bá a gbé lè ṣe bẹ́ẹ̀. Tó bá jẹ́ pé lẹ́yìn ọjọ́ yẹn ni, ọkọ, ìyàwó, tàbí ẹni tí wọ́n jọ ń gbé bíi tọkọtaya nìkan ni òfin fún ní ẹ̀tọ́ yẹn. Ọmọ ò ní nǹkan kan níbẹ̀, àfi tí àdéhùn fúnra rẹ̀ bá sọ pé ó ní. Ẹ kíyè sí i o: tí Mọ́mì bá ti ní fúláàtì láti 1990, àmọ́ tí káńsù gbé wọn lọ sí èyí tó kéré ní 2016, àdéhùn tuntun ló sábà máa ń jẹ́. Ọjọ́ tuntun yẹn ni òfin máa wò, kì í ṣe ti 1990. Ti àǹtí mi, 1996 ni. A kọjá ibẹ̀.

Ìbéèrè kejì ni ta ni mọ̀lẹ́bí. Ibí ni èdè wa àti òfin wọn ti yapa. Òfin náà to àwọn mọ̀lẹ́bí lẹ́sẹẹsẹ: òbí, òbí àgbà, ọmọ, ọmọ ọmọ, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò, àbúrò tàbí ẹ̀gbọ́n òbí ẹni, ọmọ ẹ̀gbọ́n ẹni tàbí ọmọ àbúrò ẹni. Wọ́n ka ọmọ tí ọkọ tàbí ìyàwó ẹni bí tẹ́lẹ̀ mọ́ ọmọ, wọ́n sì ka ọbàkan àti iyèkan sí bákan náà. Ibẹ̀ ló parí sí. Àwa ń pe ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá ẹni ní ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò, kò sì sí ẹni tó máa bi wá léèrè. Lójú òfin yẹn, ẹni bẹ́ẹ̀ kì í ṣe mọ̀lẹ́bí, débi tí ọmọ rẹ̀ máa jẹ́ ẹ.

Mo ní ṣebí wọ́n gbà á tọ́ ni, ṣé kò ti di ọmọ wọn? Agbẹjọ́rò ní ṣé a lọ sí kọ́ọ̀tù nígbà náà tí wọ́n fi òfin sọ ọ́ di ọmọ? Ta ló ń lọ sí kọ́ọ̀tù nítorí ọmọ tí wọ́n bá ìbátan tọ́! Ó ní ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ti dájọ́ ní 2010 pé ọmọ tí èèyàn kàn gbà tọ́, láìsọ ọ́ di ọmọ lábẹ́ òfin, kò sí lára mọ̀lẹ́bí tí òfin ilé yìí ń sọ. Bí ogún ọdún tí àbúrò wa lò nínú ilé náà ò ṣe kà nìyẹn. Ó sunkún lọ́jọ́ yẹn. Kì í ṣe nítorí fúláàtì, ó ní ṣe ni wọ́n ń sọ fún òun pé Mọ́mì kì í ṣe ìyá òun.

Ó wá ku ọmọ tó bí, èyí tó wà nílé. Ti Ṣìkágò ò kàn án rárá, torí pé kò gbé ibẹ̀. Mọ̀lẹ́bí tó fẹ́ rọ́pò gbọ́dọ̀ ti bá ayálégbé gbé fún odindi oṣù méjìlá tó ṣíwájú ikú, ilé náà sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ojúlówó ibùgbé rẹ̀. Kéèyàn máa wá sùn ní òpin ọ̀sẹ̀ ò tó. Oṣù mẹ́rìnlá ni ti ẹ̀gbọ́n wa, ṣùgbọ́n káńsù ní kó mú ẹ̀rí wá. Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé lẹ́tà báńkì rẹ̀ ṣì ń lọ sí àdírẹ́sì rẹ̀ àtijọ́ ní Lútìnì títí di oṣù kẹsàn-án 2022. Ohun tó gbà á ni lẹ́tà onílé rẹ̀ ní Lútìnì pé ó ti kó jáde ní oṣù Kejìlá 2021, ìwé dókítà tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀ nítòsí ilé ní oṣù kìíní 2022, àti ìwé ìdìbò tó gbé orúkọ rẹ̀ sí àdírẹ́sì náà. Àbúrò wa náà kọ̀wé jẹ́rìí sí i.

Ìbéèrè kẹta ló máa ń já ọ̀pọ̀ ìdílé kulẹ̀: ṣé àdéhùn náà ti kúrò lọ́wọ́ ẹnì kan bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn rí? Ẹ̀ẹ̀kan péré ni òfin gbà. Àwọn ará ìsàlẹ̀ wa, tọkọtaya ni wọ́n jọ fọwọ́ sí ìwé ní 1994. Ọkọ kú ní 2009, ìyàwó nìkan ló wá kù lórí ìwé. Kò sẹ́ni tó fún un ní fọ́ọ̀mù, kò sẹ́ni tó sọ fún un pé nǹkan kan ti yí padà, ṣùgbọ́n lójú òfin, ẹ̀ẹ̀kan ti lọ nìyẹn. Nígbà tí òun náà kú ní 2019, ọmọ rẹ̀ obìnrin tí wọ́n bí sínú ilé náà ò lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Káńsù fún un ní fúláàtì kékeré níbòmíràn, àmọ́ àánú ni wọ́n fi ṣe é, kì í ṣe ẹ̀tọ́. Àǹtí mi ní tiwọn, orúkọ wọn nìkan ló wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Èyí ló gba ọmọ wọn là.

Bí ẹ̀gbọ́n wa ṣe di ayálégbé nìyẹn, kì í sì í ṣe láti ọjọ́ tí káńsù kọ lẹ́tà, láti ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ kú ni. Owó ilé ń ṣiṣẹ́ lọ ní gbogbo ìgbà yẹn, bẹ́nífíìtì ìyá sì ti dúró. Ó ṣe dáadáa pé ó ń san án lóṣooṣù.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ò tíì tán. Tí àrólé bá jẹ́ mọ̀lẹ́bí tí kì í ṣe ọkọ tàbí ìyàwó, tí ilé sì tóbi ju ohun tó nílò lọ, káńsù lè ní kó kó lọ sí èyí tó kéré. Wọn ò lè bẹ̀rẹ̀ kí oṣù mẹ́fà tó pé lẹ́yìn ikú, tàbí lẹ́yìn tí wọ́n gbọ́ nípa rẹ̀, wọn ò sì lè jẹ́ kó kọjá oṣù méjìlá. Wọ́n gbọ́dọ̀ fún un ní ilé mìíràn tó bójú mu, adájọ́ sì gbọ́dọ̀ gbà pé ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kẹjọ, lẹ́tà dé. Oníyàrá kan ni wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ fún un. Agbẹjọ́rò kọ̀wé padà pé àwọn méjì ló ń gbé ilé náà láti ọjọ́ pípẹ́, wọ́n sì fi oníyàrá méjì rọ́pò rẹ̀. Òun àti àbúrò wa jọ kó lọ síbẹ̀. Orúkọ rẹ̀ nìkan ló wà lórí ìwé ṣáá.

Tí kò bá sẹ́ni tó yege ńkọ́? Àdéhùn ò bá ayálégbé kú lójú ẹsẹ̀. Ó di ara ohun tí olóògbé fi sílẹ̀, owó ilé á sì máa gorí ara wọn títí wọ́n á fi fòpin sí i. Káńsù á fi kúìtì nótíìsì ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ránṣẹ́. Tí kò bá sí ìwé ìhágún, wọ́n á fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì ìjọba tó ń di irú ohun ìní bẹ́ẹ̀ mú. Ẹni tó bá ṣì wà nínú ilé, káńsù ò lè tì í síta láìlọ sí kọ́ọ̀tù. Tó bá sì jẹ́ pé kò sẹ́ni tó kù níbẹ̀, ìdílé ni kó tètè kọ̀wé fòpin sí i kí gbèsè má bàa pọ̀.

Àwọn káńsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni mo ń sọ o. Òfin Sìkọ́tílándì àti ti Wéèsì yàtọ̀, ti onílé aládàáni náà sì yàtọ̀.

Tí àwọn àgbà yín bá ṣì wà nínú ilé káńsù, ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n mú ìwé àdéhùn wọn jáde. Ẹ wo ọjọ́ tó wà lórí rẹ̀ àti iye orúkọ tó wà níbẹ̀, kí ẹ sì béèrè bóyá ẹnì kan ti kú kúrò lórí rẹ̀ rí. Ẹni tó ń tọ́jú wọn, kó yí àdírẹ́sì báńkì rẹ̀ padà ní ọ̀sẹ̀ tó bá kó wọlé. Tó bá sì jẹ́ ọmọ tí ẹ bá ìbátan tọ́ ló wà lọ́dọ̀ wọn, ẹ sọ òótọ́ fún un nísinsìnyí, kó lè forúkọ ara rẹ̀ sílẹ̀ fún ilé tiẹ̀ nígbà tí ìyá ṣì lè jókòó tì í.