Inkubétọ̀ Tó Gbóná Kọjá 37.5: Ohun Tí A Rí Lára I àti d

Ẹyin 120 la kó sínú inkubétọ̀ wa. Ní ọjọ́ kejìlá, NẸ́PÀ mú iná lọ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 40. Kọ́ńtírólà ò kú, torí bátìrì sólà ló ń gbé e. Hítà nìkan ló wà lórí NẸ́PÀ. Ooru wálẹ̀ sí 34.2°C. Iná dé, inú wa dùn, àmọ́ nígbà tí ooru pé 37.5, kò dúró. Ó gùn dé 39.8, ó sì pẹ́ níbẹ̀. Ẹyin 38 péré ló pa. Ọmọ inú ẹyin máa ń fara da òtútù ráńpẹ́ ju ooru àpọ̀jù lọ.

Hítà la kọ́kọ́ bú, hítà ò sì ṣẹ̀. Nínú kọ́ńtírólà, P ń wo bí ooru ṣe jìnnà sí 37.5 báyìí. I ní tiẹ̀ dà bí ìwé gbèsè: gbogbo ìgbà tí ooru bá wà nísàlẹ̀, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀, ó sì ń fi kún iṣẹ́ hítà. Ìṣẹ́jú 40 gbáko ló fi ń pàṣẹ fún hítà tí kò ní iná, gbèsè ń gun orí gbèsè. Nígbà tí iná dé, ooru ní láti kọjá 37.5 kí gbèsè náà tó bẹ̀rẹ̀ sí í tán.

Lójú kọ́ńtírólà tiwa, Ar ló ń dá I dúró. Ẹnì kan ti gbé e sí 100 (àwa náà ni, ẹ jẹ́ ká sòótọ́). A dá a padà sí 25. P wa jẹ́ 4, nítorí náà I ò ní bẹ̀rẹ̀ sí í kọ gbèsè àfi tí ó bá ku bí dígírì kan kí ooru pé. A sì so kọ́ńtírólà àti hítà mọ́ iná kan náà, kí méjèèjì jọ máa kú, kí wọ́n jọ máa jí.

Wọ́n wá ní ká gbé d sókè, pé bíréèkì ni. Òótọ́ ni, d ń wo bí ooru ṣe ń sáré tó. A gbé e sí 60. Iná OUT1 bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ségesège, á tàn pẹ́, á tún kú lójijì, bẹ́ẹ̀ ooru inú àpótí ò yí. Wáyà sẹ́ńsọ̀ ló bá wáyà fáànù rìn pọ̀, nọ́ńbà ń fò: 37.4, 37.6, 37.3. d rò pé ooru ló ń sáré. Tí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá òun ni, ẹ gbé d sí 0. Tí ségesège bá dáwọ́ dúró, ẹ ti mú un. A ya wáyà méjèèjì sọ́tọ̀, a so sẹ́ńsọ̀ sí ibi tí ẹyin wà gan-an, a fi d sí 10.

Ìgò omi la fi dán an wò, kì í ṣe ẹyin. A pa iná fún ìṣẹ́jú 40, a tàn án padà. 37.9 ló gùn dé, lẹ́yìn náà ló padà jókòó sí 37.5.